Iṣẹ́ Kíláàsì Èdè Gẹ̀ẹ́sì, JSS 2, Ìjẹ̀bú-Òde: Ìrísí Kẹta Ọ̀rọ̀-Ìṣe Lẹ́yìn "has" àti "have"

Àkókò: ìṣẹ́jú 40. Máàkì: 30. Ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé yín. Ẹ má fi báírò kan pépà yìí, kíláàsì kejì ṣì máa lò ó.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Nínú Yorùbá, "ti" ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. "Bísí kọ lẹ́tà", "Bísí ti kọ lẹ́tà": "kọ" ò yí padà. Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi "has" tàbí "have" sí ipò "ti", á sì tún pa ọ̀rọ̀-ìṣe dà: "Bísí writes", "Bísí wrote", "Bísí has written". Ẹ̀kẹta yẹn là ń wá lónìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó rọrùn bíi "cook" ò ní wàhálà, "cooked" ló jẹ́ ní ìrísí kejì, "cooked" náà ló jẹ́ ní ẹ̀kẹta. Àwọn alágídí la kó sínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìdílé, ẹni tó bá mọ ọ̀kan á mọ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀.

Ìdílé "write": write, wrote, written. Ride, rode, ridden. Drive, drove, driven.

Ìdílé "break": break, broke, broken. Speak, spoke, spoken. Steal, stole, stolen. "Choose" náà ń bá wọn rìn: choose, chose, chosen. Ẹ ṣọ́ "o" rẹ̀: méjì wà nínú ìrísí kìíní, ọ̀kan ṣoṣo nínú èkejì àti ẹ̀kẹta.

Ìdílé "swim": swim, swam, swum. Drink, drank, drunk. Begin, began, begun. Ring, rang, rung. "I" ní ìbẹ̀rẹ̀, "a" ní àárín, "u" ní ìparí. Ibi tí máàkì ti ń jò jù nìyí.

"Has" ni ti ẹnì kan tàbí nǹkan kan tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: he, she, it, Bísí, the bell. "Have" ni ti I, you, we, they, àti ohun tó bá ju ọ̀kan lọ.

Apá Kìíní (máàkì 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan)

Ọ̀rọ̀ tó wà ní lẹ́tà ńlá ṣì wà ní ìrísí kìíní. Ẹ kọ gbólóhùn náà jáde pẹ̀lú ìrísí kẹta.

1. Bísí has WRITE her name on the garri sack.
2. The boys have BREAK the clay pot.
3. Our age group has CHOOSE green lace for Ojúde Ọba.
4. Ṣẹ́gun has SWIM across the river twice.
5. We have DRINK all the water.
6. The horsemen have RIDE past the crowd.
7. The driver has DRIVE from Ṣágámù to Ìjẹ̀bú-Òde.
8. The bell has RING.
9. Someone has STEAL my pen.
10. The women have BEGIN to fry garri.
11. Títí has SPEAK to her aunt.
12. The tailor has CUT the lace.

Apá Kejì (máàkì 12, méjì-méjì)

Gbólóhùn mìíràn tọ̀nà, òmíràn ò tọ̀nà. Èyí tó bá tọ̀nà, ẹ kọ "ó tọ̀nà" sí i. Èyí tí kò tọ̀nà, ẹ tún un kọ. Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́.

13. She has wrote the answer.
14. The dancers have chosen their caps.
15. I have swam in that river.
16. Awólọ́wọ̀ has written a book in 1960.
17. The leg of the chair has broken.
18. We drunk zobo yesterday.

Apá Kẹta (máàkì 6, méjì-méjì)

Ẹ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì.

19. Wọ́n ti jí adìẹ wa.
20. Bàbá àgbà ti yan fìlà wọn.
21. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò tíì kọ orúkọ yín.

Ìdáhùn, fún ẹni tó ń máàkì

Apá Kìíní: 1 written, 2 broken, 3 chosen, 4 swum, 5 drunk, 6 ridden, 7 driven, 8 rung, 9 stolen, 10 begun, 11 spoken, 12 cut.

"Writen" alápá t kan ò gba máàkì. T méjì ló ń jẹ́ kí "i" inú rẹ̀ kúrú lẹ́nu. "Writing" ní t kan nítorí pé "i" tirẹ̀ gùn bíi ti "write". Bẹ́ẹ̀ náà ni d méjì "ridden". Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá rò pé v ti "driven" náà gbọ́dọ̀ di méjì, ẹ fi yé e pé Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà kọ v méjì.

Ní nọ́ńbà 3, "choosen" ni ẹ máa rí jù: wọ́n gbé o méjì ìrísí kìíní wá síbi tí kò sí. Ní nọ́ńbà 5, àwọn kan á sá fún "drunk" torí pé ọ̀mùtí ló ń wá sí wọn lọ́kàn. "He is drunk" ló túmọ̀ sí pé ọtí ń pa á. "He has drunk water" kò ní ọtí kankan nínú. Nọ́ńbà 12 la fi dán wọn wò: cut, cut, cut, kò yí padà rárá, gẹ́gẹ́ bíi put àti hit. Ẹni tó kọ "cutted" pàdánù máàkì kan.

Apá Kejì. 13: "She has written the answer." 14 tọ̀nà. 15: "I have swum in that river." Ìrísí kejì kì í tẹ̀ lé "have", bí "have" bá wà, "a" gbọ́dọ̀ di "u". Nọ́ńbà 18 ni òdìkejì rẹ̀: kò sí "have" níbẹ̀, "yesterday" sì wà, nítorí náà "We drank zobo yesterday." Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "We have drunk zobo yesterday" gba òdo.

Ìdí rẹ̀ wà ní nọ́ńbà 16, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ìrísí kẹta ibẹ̀ ò ní àṣìṣe, ọdún ló ba gbólóhùn náà jẹ́. Yorùbá gbà kí a sọ pé "mo ti kọ ọ́ lánàá", torí náà ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà á: bí àkókò tó ti kọjá bá ti ní orúkọ, lánàá, lọ́dún tó kọjá, 1960, "have" kúrò ńlẹ̀. "Awólọ́wọ̀ wrote a book in 1960." Ẹni tó kàn yọ ọdún náà, tó fi "has written" sílẹ̀, ò tíì yege: ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ náà ti kú ní 1987, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì sábà fi "has written" sọ iṣẹ́ olóògbé. Ẹ fún un ní máàkì kan.

17 tọ̀nà. Yorùbá ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: àwo ń fọ́, ẹsẹ̀ àga ń ṣẹ́, igi ń dá, okùn ń já. "Has broken" ló gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Apá Kẹta. 19: "They have stolen our chicken", tàbí "Someone has stolen our chicken". Ẹ gba méjèèjì, nítorí "wọ́n" yẹn lè jẹ́ olè kan ṣoṣo. 20: "Grandfather has chosen his cap." Ọ̀wọ̀ ló fi "wọn" síbẹ̀, ènìyàn kan ni bàbá. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa á kọ "Grandfather have chosen their cap". Ìwà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n máàkì kan ló ní, ti "chosen". 21: "You have not written your names." Ẹ gba "haven't", ẹ sì gba "yet" ní ìparí. "You have not write" gba máàkì kan fún "have not". "Not" tó wà láàárín kò dá ìrísí kẹta dúró.