Àṣìṣe Tí Mò Ń Tún Ṣe: Ìwé Àtúnyẹ̀wò Mi Fún Ìdánwò Yorùbá

Iṣẹ́ àṣetiléwá méje ni mo kó jọ: mẹ́ta láti inú fónọ́lọ́jì, méjì láti inú àkọtọ́, méjì láti inú àròkọ. Lálẹ́ Sátidé, mo ka gbogbo ibi tí báírò pupa kàn nínú wọn. Ibi 64 ni. Mo kọ́kọ́ rò pé gbogbo rẹ̀ kò jọra wọn, àfìgbà tí mo to àwọn tó fara jọ ara wọn pọ̀. Oríṣi márùn-ún péré ló kó 57 nínú wọn. Àwọn méje yòókù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, n kò kọ wọ́n síbí.

1. Arọ́pò-orúkọ tí mo so mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe (ìgbà 19)

Mo kọ: ríi, gbàá, síi, fúnun, kọọ.
Ó yẹ kó jẹ́: rí i, gbà á, sí i, fún un, kọ ọ́.

Fáwẹ̀lì tó wà lẹ́yìn yẹn kì í ṣe ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe. Arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ẹyọ ni, ó ń ṣiṣẹ́ àbọ̀, ààyè tirẹ̀ sì tọ́ sí i. Fáwẹ̀lì tó parí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ló ń padà wá. Ní ti ohùn: bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní ohùn òkè, arọ́pò-orúkọ á ní ohùn àárín (rí i, fún un). Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ní ohùn àárín tàbí ìsàlẹ̀, arọ́pò-orúkọ á ní ohùn òkè (pa á, gbà á).

Èyí tó dùn mí jù wà nínú àròkọ kìíní, tí mo kọ nípa ìyá ìyá mi. Màmá àgbà a máa kọ ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn Bíbélì wọn. Mo kọ ọ́ báyìí: "Nígbà tí bàbá àgbà sọ ọjọ́ náà, màmá àgbà kọọ sílẹ̀." Olùkọ́ fa ìlà méjì sí i nídìí, wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: "Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni, àbí wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀?" Mo wo ìbéèrè yẹn fún ìgbà pípẹ́. Obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé, àmì ohùn kan ṣoṣo tí n kò fi sí i ti fẹ́ sọ ọ́ di ẹni tó kọ ọkọ. Nítorí màmá àgbà, mo fẹ́ kí àṣìṣe yìí tán lọ́wọ́ mi.

mo kọ ọ́ (lẹ́tà ni)
mo kọ́ ọ (ọmọ ni, tàbí ilé)
mo kọ̀ ọ́ (n kò fẹ́ ẹ mọ́)

Bí mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: kí n fi orúkọ ènìyàn tàbí nǹkan rọ́pò fáwẹ̀lì náà. Bí "rí Ìyábọ̀" bá ṣe é sọ níbẹ̀, á jẹ́ pé "rí i" ni, ọ̀rọ̀ méjì.

2. Ìpajẹ àti àrànmọ́ (ìgbà 14)

Nínú iṣẹ́ fónọ́lọ́jì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ti pe "aráalé" ní ìpajẹ. Àlàyé tí mo ṣe ni pé fáwẹ̀lì i inú "ilé" ti sọnù. Lóòótọ́, i ti kúrò, ṣùgbọ́n a ti jókòó sí àga rẹ̀. Àga ò ṣófo. Ohun tí n kò wò nìyẹn.

Sílébù ni kí n máa kà:

ará + ilé: a-rá-i-lé, mẹ́rin. Aráalé: a-rá-a-lé, mẹ́rin. Kò dín, àrànmọ́ ni.
ilé + ìwé: i-lé-ì-wé, mẹ́rin. Iléèwé: i-lé-è-wé, mẹ́rin. Àrànmọ́ ni.
ra + ẹja: ra-ẹ-ja, mẹ́ta. Rẹja: rẹ-ja, méjì. Ọ̀kan ti jáde, ìpajẹ ni.
gbé + odó: gbé-o-dó, mẹ́ta. Gbódó: gbó-dó, méjì. Ìpajẹ ni.

Láti ìgbà tí mo ti ń fi ìka ka sílébù kí n tó dárúkọ ìgbésẹ̀, mo ti dán ogún ọ̀rọ̀ wò, n kò sì ṣì í.

3. Ọ̀rọ̀ tí mo lẹ̀ pọ̀ (ìgbà 11)

nígbàtí → nígbà tí
gẹ́gẹ́bí → gẹ́gẹ́ bí
jẹ́kí → jẹ́ kí
kíni → kí ni
tani → ta ni
sọ wípé → sọ pé ("wí" àti "sọ", iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọ̀kan tó)

Fóònù ló kọ́ mi ní èyí. Bí a ṣe ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ síra wa ni mo ṣe ń kọ iṣẹ́ fún olùkọ́.

4. Àkọtọ́ àtijọ́ (ìgbà 7)

Bíbélì màmá àgbà yìí kan náà ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, àkọtọ́ rẹ̀ ló sì ń jáde lọ́wọ́ mi: aiye, enia, nwọn, yio, obirin. Ti òde òní ni ayé, ènìyàn, wọ́n, yóò, obìnrin. Orúkọ ìlú ńkọ́? Pátákó ojú títì lè kọ Offa àti Ilesha. Nínú ìdánwò, Ọ̀fà àti Iléṣà ni, torí a kì í kọ kọ́ńsónáǹtì méjì léra nígbà tí ẹyọ kan là ń pè, ṣ sì ti gba ipò sh.

Ọdún méjì tí mo gbé fún ara wọn nínú iṣẹ́ karùn-ún: 1875 ni àpérò àwọn ajíhìnrere CMS ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. 1974 ni àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Èyí tí a ń lò ní kíláàsì ni ti 1974.

5. N tó jẹ́ sílébù (ìgbà 6)

Mo ka Bánkọ́lé sí sílébù mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rin ni: Bá-n-kọ́-lé. Oǹdó, mẹ́ta: O-ǹ-dó. Òǹkọ̀wé, mẹ́rin: ò-ǹ-kọ̀-wé. Ṣùgbọ́n ìbọn, méjì péré: ì-bọn, torí n tibẹ̀ kò ní ohùn tirẹ̀, ó kàn ń sọ fún wa pé imú ni fáwẹ̀lì gbà jáde. Kí n fi ẹnu sú ọ̀rọ̀ náà bí ìfé kí n tó kọ ìdáhùn: iye ohùn tó bá jáde ni iye sílébù.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn

Kí n má ka ìwé láti òkè dé ilẹ̀, ó ti máa ń rẹ̀ mí nígbà náà, ojú mi á sì fo àṣìṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni kí n kọ́kọ́ wá, kí n wo ohun tó tẹ̀ lé e (nọ́ńbà 1). Lẹ́yìn náà, gbogbo "tí", "bí", "kí" àti "ni" tó lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn (nọ́ńbà 3). Bí àkókò bá ṣẹ́kù, kí n tún sílébù kà.

Kí n bi olùkọ́ lọ́jọ́bọ̀

Nínú iṣẹ́ kejì mo to fáwẹ̀lì àránmúpè sí márùn-ún: in, ẹn, an, ọn, un. Wọ́n fún mi ní máàkì. Nínú iṣẹ́ kẹta mo kọ pé ìró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni an àti ọn, wọ́n fagi lé e. Ó yé mi pé bí a ṣe ń kọ ọ́ ló yàtọ̀: ọn lẹ́yìn b, gb, f, p àti w, bíi ti ìbọn àti wọ́n; an lẹ́yìn àwọn yòókù, bíi ti ìtàn. Tí ìbéèrè bá wáá ní kí n to fáwẹ̀lì àránmúpè, ṣé márùn-ún ni kí n kọ, àbí mẹ́rin kí n sì ṣàlàyé?