Èsì sí Alhaja: ìpàdé aago 2 ọ̀sán òní lórí irin dẹ́kìn Àpáta

Ẹ káàárọ̀ Alhaja, ẹ kú àníyàn ilé. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì ti gbọ́ ohùn tí ẹ fi tẹ̀ lé e. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè pariwo. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni bíríkìlà sọ, pé irin mìlímítà 10 ni ayọ́n bẹ́ńdà tò síbi tí àwòrán ti ní kó to 12, a ò gbọdọ̀ da kọnkéré lé e lórí láàárọ̀ ọ̀la.

Aago 2 tí ẹ dá ni mi ò ní lè wà níbẹ̀. Láti aago 11 títí di nǹkan bí aago 4, a ń da dẹ́kìn oníbàárà mìíràn ní Bódìjà, èmi ni mo sì ń bójú tó o. Tí iṣẹ́ yẹn bá dúró láàárín, èyí tí a ti dà á ti le kí tuntun tó dé bá a. Ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé kò ní mú ara wọn, omi á sì máa gbabẹ̀ jò. Lọ́jọ́ tí a bá ń da tiyín náà, mi ò ní fi í sílẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni. Láti aago 4:30 sí 6, mo ti bá ẹlòmíì ṣàdéhùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ohun tí mo lè ṣe nìyí. Ní aago 10:30, màá pè yín lórí vídíò Wáàsáàpù fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà àti ayọ́n bẹ́ńdà wà lọ́dọ̀ yín, kí wọ́n sọ̀rọ̀ lójú ara wọn. Ní aago 2 gan-an, ọmọọṣẹ́ mi máa dé Àpáta pẹ̀lú àwòrán àti téèpù. Èmi fúnra mi máa wà níbẹ̀ ní aago 6:45 àárọ̀ ọ̀la. Mo lè yà lálẹ́ òní ní aago 7 o, ṣùgbọ́n ilẹ̀ á ti ṣú, kò sì sẹ́ni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ irin dẹ́kìn wò dáadáa. Àárọ̀ ló dára jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn onímísà kó tó di aago 12, kí ẹ sọ fún wọn pé ó di Sátidé. Tí lébìrà bá ti kó dé láàárọ̀ ọ̀la, owó wọn ti di dandan, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń sọ pé kí a kúkú dà á bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì tú àpò sìmẹ́ńtì kankan.

Lórí irin yẹn, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó fi ojú wò ó, ẹ má sì gbára lé téèpù: àwọn eyín tó wà lára irin máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ó tóbi ju bó ṣe rí lọ. Ẹ ní kí wọ́n gé mítà kan géérégé lára èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ṣọ́ọ̀bù yín. Irin 12 tòótọ́ máa wọn nǹkan bíi gíráàmù 888, irin 10 máa wọn 617. Tó bá jẹ́ bíi 750 ni ẹ rí, a jẹ́ pé irin tó tín-ín-rín ni wọ́n tà fún yín bíi 12. Ẹ ya fọ́tò ojú òṣùwọ̀n náà, kí ẹ sì ya òmíràn tí téèpù ti wà lórí irin tó ti wà ní títò, kí n lè rí bí wọ́n ṣe jìnnà síra.

Tó bá jẹ́ 10 lóòótọ́, kò di dandan kí a tú gbogbo rẹ̀. Irin 12 tó jìnnà síra ní mìlímítà 150, bó ṣe wà nínú àwòrán, fún wa ní mìlímítà onígun mẹ́rin 754 nínú mítà kan. Irin 10 ní àyè kan náà fún wa ní nǹkan bíi 523 péré, kò tó rárá. Tí a bá sún un mọ́ra sí 100, ó di 785, ó sì tó. Dẹ́kìn yín gùn ní mítà 12. Ẹyọ irin 81 tó wà níbẹ̀ á di 121, ìyẹn ni pé 40 la máa fi kún un. Ẹ má tíì rà á títí ọmọọṣẹ́ mi á fi kà á. Ti dẹ́kìn nìkan ni mo ń sọ o. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kan irin 16 inú bíìmù, a máa tú ìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn bóyá 10:30 bá yín lára mu. Fóònù wà lọ́wọ́ mi títí di 10:50. Lẹ́yìn náà ọmọọṣẹ́ mi ni kí ẹ pè, ẹ ti ní nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹnjiníà yín