Owó ₦48,500: ìlérí tí ẹ ṣe fún mi lórí fóònù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun 14 oṣù Kẹwàá 2025, aago 10:20 àárọ̀

Ẹ̀yin ará ìdí ìtọ́jú oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ ohun tí èmi àti Arábìnrin Bọ́láńlé jọ sọ láàárọ̀ yìí sílẹ̀, kí ẹni tí yóò gbé ìpè mi lọ́jọ́ mìíràn má baà ní òun ò gbọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, 10 oṣù yìí, ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì kọ "Declined", síbẹ̀ owó kúrò nínú àkáǹtì mi. Owó ọwọ́ ni mo padà san kí ọlọ́jà tó jẹ́ kí n gbé àpò ìrẹsì mi.

Bọ́láńlé yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní owó náà kò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà lóòótọ́. Ó ní gbogbo rẹ̀ yóò ti padà wọlé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Kẹwàá, tó lù, láìjẹ́ pé mo wá to ìlà ní báńkì. Nọ́ńbà ẹ̀sùn tó fún mi ni 7730418. Ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Bí èyí bá yàtọ̀ sí ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ (ẹ ṣáà máa ń sọ pé ẹ ń gbà á), ẹ fèsì lónìí. Bí owó ò bá wọlé, ìwé yìí náà ni màá mú tọ ọ̀gá ẹ̀ka yín ní Dùgbẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni,
Àṣàbí Adéoyè
Ìbàdàn