Àbá Iṣẹ́ Oṣooṣù Lórí Instagram àti Facebook fún Ìsọ̀ Àdìrẹ Yín ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọjà o, Mà. Bí a ṣe sọ ọ́ ní ìsọ̀ yín, àbá iṣẹ́ náà rèé.

Àwòrán mẹ́ta àti fídíò kúkúrú kan ni n ó máa gbé jáde lọ́sẹ̀. N ó tún máa dá àwọn oníbàárà lóhùn láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Ajé sí Àbámẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni n ó máa wá ya àwòrán. Ohun tó wù mí jù ni kí a ya ọwọ́ aládìrẹ yín bó ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ sára aṣọ kó tó rì í sínú aró. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ yẹn kò ní máa ná àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní ìnákúnàá bí aṣọ ẹ̀rọ.

Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦150,000 lóṣù, kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ó san án. Oṣù mẹ́ta ni kí a kọ́kọ́ fi ṣe é.

Owó ìpolówó tí Facebook ń gbà kò sí nínú rẹ̀. Inú káàdì yín ni wọn yóò ti yọ ọ́, n kò sì ní bu nǹkan kan lé e. Àfikún fídíò jẹ́ ₦12,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tún pè mí wá ya àwòrán lóṣù kan náà, ₦25,000 ni, owó ọkọ̀ ti wà níbẹ̀. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ kan kò gbowó, ẹ̀ẹ̀kẹta jẹ́ ₦3,000.

Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, Mà, ẹ fèsì sórí WhatsApp mi kí oṣù yìí tó parí.