Ìránnilétí lórí owó iṣẹ́ tó ṣẹ́kù

Ìbàdàn, 9 Oṣù Kẹwàá, 2025

Màmá wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó ilé búrẹ́dì. Mo ń kọ̀wé yìí nítorí ₦90,000 tó ṣẹ́kù nínú ₦180,000 tí a jọ fẹnu kò sí fún àwòrán ara ọ̀rá búrẹ́dì yín, èyí tí ínfọ́ìsì mi ní kí ẹ san kó tó di 14 Oṣù Karùn-ún. Lánàá ni mo ra búrẹ́dì yín kan ní Mọ́kọ́lá, tí mo rí ṣírí ọkà tí ẹ ní kí n tún yà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wù mí, àmọ́ owó àpò mi ni mo fi rà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san owó náà sínú àkáǹtì tó wà lára ínfọ́ìsì kó tó di 17 oṣù yìí. N kò ní lè fi àwòrán páálí kéèkì ránṣẹ́ títí yóò fi wọlé.

Èmi ni tiyín,
Bùkọ́lá, ayàwòrán yín