Ìkọ́kọrẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, Ìjẹ̀bú-Òde: kílíìpù mẹ́rin

Àbúrò mi, pírọ́mpìtì mẹ́rin nìyí, ìṣẹ́jú-àáyá 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ AI tó ń sọ ọ̀rọ̀ di fídíò yẹn kì í rántí kílíìpù tó ṣe kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tún ìrísí màmá kọ. Má gé e kúrú.

KÍLÍÌPÙ 1
Ẹ̀yìnkùlé ilé alámọ̀ kan, agogo mẹ́jọ àárọ̀, oòrùn ń ti apá òsì wá. Ìyá ẹni ọdún 65, dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ró àdìrẹ aláró, ó wọ bùbá funfun, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn wà lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń rin ewùrà lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. Ewùrà funfun ń bọ́ sínú abọ́ búlúù. Kámẹ́rà dúró sójú kan, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

*Gbé lọ sí 2:* Abọ́ búlúù ti kún, ewùrà ṣì funfun, ó lẹ̀ mọ́ ìka ọ̀tún màmá. Férémù tó kẹ́yìn nínú kílíìpù 1 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ kílíìpù 2.

KÍLÍÌPÙ 2
Ẹ̀yìnkùlé kan náà, oòrùn láti apá òsì. Ìyá ẹni ọdún 65, dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, àdìrẹ aláró, bùbá funfun, iyùn lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. Ìkòkò dúdú wà lórí iná igi. Ata, epo pupa àti ẹja gbígbẹ ń hó nínú rẹ̀. Ó ń fi ìka ọ̀tún bu ewùrà funfun láti inú abọ́ búlúù, ó ń sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ ní kóró kóró. Kò rò ó. Kámẹ́rà ń wo inú ìkòkò láti òkè.

Kò gbọdọ̀ sí orógùn níbí o! Bí o bá kọ “ó ń se oúnjẹ” lásán, ẹ̀rọ á kó orógùn dé, á máa ro ó bí àmàlà. Bí wọ́n bá rò ó kí kóró tó dì, ó ti di ẹ̀kọ nìyẹn, gbogbo Ìjẹ̀bú á sì fi wá rẹ́rìn-ín.

*Gbé lọ sí 3:* Ìkòkò dúdú náà, iná náà. Àkókò ti kọjá, nítorí náà má lo férémù tó kẹ́yìn nínú kílíìpù 2.

KÍLÍÌPÙ 3
Ìkòkò dúdú tí a dé lórí iná igi tó ti rọlẹ̀, oru ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí. Òjìji ti kúrú díẹ̀. Kò séèyàn.

*Gbé lọ sí 4:* Ewùrà kò funfun mọ́, epo ti mú un. Abọ́ búlúù ti ṣófo.

KÍLÍÌPÙ 4
Ẹ̀yìnkùlé kan náà, òjìji kúkúrú. Ìyá ẹni ọdún 65, dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, àdìrẹ aláró, bùbá funfun, iyùn lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ṣíbí, ó bu oúnjẹ aláwọ̀ epo, kóró kóró tó rọ̀, pẹ̀lú ẹja, sínú àwo funfun. Ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́wàá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo. Kámẹ́rà ń sún mọ́ àwo díẹ̀díẹ̀.

Mi ò kọ “ìkọ́kọrẹ́” sínú rẹ̀ torí ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Àsáró ló gbé fún mi nígbà tí mo kọ ọ́. Bí ṣíbí bá bọ́ sọ́wọ́ òsì màmá, tún un ṣe, kódà kí gbogbo ìyókù dára.