Omi Iyọ̀ àti Ṣúgà fún Ọmọ tí Ó Ń Ṣu Gbuuru: Ìwé Eré Àwòrán tí A Tún Kọ

Sí ayàwòrán wa: nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fi ka ìwọ̀n omi, ṣúgà àti iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọmọ nìkan ló dúró lójú àwòrán, etí gbọ́ nǹkan mẹ́ta, ojú kò rí ọ̀kankan. Nísinsìnyí, ohùn kò dárúkọ ohun tí ojú kò rí.

Ìran 1
Àwòrán: Ọmọ kan jókòó. Ara rẹ̀ mọ́ gaara bí ìgò, omi inú rẹ̀ sì ń fà.
Ohùn: Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ni ó ń bá a lọ, àìtó omi náà ni ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ìran 2
Àwòrán: Ọwọ́ méjì, ọṣẹ, omi.
Ohùn: Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín.

Ìran 3
Àwòrán: Omi kún ìgò dé ojú ìlà lítà 1.
Ohùn: Ẹ wọn lítà kan omi tí ẹ ti sè, tí ó sì ti tutù.

Ìran 4
Àwòrán: Ọ̀bẹ gé orí ṣúgà inú ṣíbí tíì dọ́gba. Ṣíbí náà dà á sínú omi ní ìgbà 6. Ìró kọ̀ọ̀kan bá kíkà kọ̀ọ̀kan mu.
Ohùn: Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà.

Ìran 5
Àwòrán: Ṣíbí tíì kan náà, iyọ̀ dé ìdajì rẹ̀ péré. Ẹ jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3 kí ohùn tó wọlé, nítorí ibí yìí ni àṣìṣe ti léwu jù.
Ohùn: Iyọ̀, ìdajì ṣíbí péré.
Àwòrán: Ìyá tọ́ omi náà wò, ẹ̀kán omijé kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife.
Ohùn: Bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn.

Ìran 6
Àwòrán: Ilẹ̀kùn kékeré lára ìfun. Ṣúgà di ọwọ́ iyọ̀ mú, wọ́n jọ wọlé, omi sì tẹ̀ lé wọn.
Ohùn: Ṣúgà ni ó ń bá iyọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ìfun, omi a sì tẹ̀ lé wọn wọ inú ara.

Ìran 7
Àwòrán: Ife àti ṣíbí lẹ́nu ọmọ. Ọmọ bì, ọwọ́ aago rin ìṣẹ́jú 10, ṣíbí padà.
Ohùn: Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ìran 8
Àwòrán: Ìyá ń fún ọmọ lọ́mú.
Ohùn: Ẹ má ṣe já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ìran 9
Àwòrán: Ojú ọmọ ti jìn wọnú, kò lè mu omi mọ́. Ìyá gbé e wọ ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì na àpò ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ti wọ̀n sílẹ̀ fún pípò mọ́ omi, àti oògùn síǹkì sí i.
Ohùn: Bí ojú rẹ̀ bá jìn, tàbí tí kò lè mu omi mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.